Òwò Ara Ẹni Kì Í Ṣe Àìríṣẹ́ṣe: Bí A Ṣe Lè Kọ Ọ́ Sínú Ìwé Ìwáṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kò jìnnà sí ẹnu-ọ̀nà ilé-kéwú wa. Ẹni tí ó bá ti gba oríta Ìwó Róòdù kọjá ní àárọ̀, níbi tí ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Ifẹ̀ ti ń kó èrò, yóò ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tẹ́ tábìlì sí ẹ̀bá títì, tí wọ́n ń ta ṣájà, íápíìsì, páọ̀ṣì àti gíláàsì ojú fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti ka ìwé mẹ́wàá, àwọn mìíràn sì ti parí sánáwì. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ohun tí ẹ óò gbọ́ ni pé, "Mi ò tíì ríṣẹ́, mo kàn ń ta nǹkan ni."

Ní ọdún 2024, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí ó jáde ní ilé-kéwú wa mú ìwé ìwáṣẹ́ kan tọ̀ mí wá. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń pín ohun mímu fún àwọn onísọ́ọ̀bù ń wá sítọ́ọ̀kípà, ìyẹn ẹni tí yóò máa mójú tó ilé-ìkẹ́rùsí. Ó ní, "Áfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gún." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gún dáadáa. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ní kí ó kọ iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí sí, ohun tí ó kọ ni "Kò sí." Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí máa ń ra ṣájà lọ́wọ́ rẹ̀! Ọdún méjì ni ó fi ran àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí ọjà, láti 2019, kí ó tó tẹ́ tábìlì tirẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021. Ọdún márùn-ún ni ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ méjì pa rẹ́.

Mo dá ìwé náà padà fún un pé kí ó lọ tún un kọ, kí ó kọ òwò rẹ̀ sí i. Nígbà tí ó máa padà dé, ó ti bọ́ sí kòtò kejì. Ó ti fi orúkọ ńlá kan sọ tábìlì náà, ó sì pe ara rẹ̀ ní Máníjìn Dárẹ́kítọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé, "Bí wọ́n bá bi ọ́ pé òṣìṣẹ́ mélòó ni ó wà lábẹ́ rẹ, kí ni o máa sọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ń gbani síṣẹ́ ti rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó ogún ní ọjọ́ kan, ohun tí ó sì máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé ọmọ yìí ń purọ́, àní bí gbogbo ohun tí ó kù nínú ìwé náà tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́. "Kò sí" burú, ṣùgbọ́n ó sàn ju èyí lọ díẹ̀, nítorí pé òun kò ba orúkọ ẹni jẹ́.

Ohun tí ẹni tí ń gbani síṣẹ́ ń wá kò ṣòro láti mọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí o ń fi ọwọ́ rẹ ṣe lójoojúmọ́, bí ó ti pọ̀ tó, ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kò ní láti ṣe làálàá lórí èyí, nítorí pé ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ àti owó oṣù rẹ̀ ti sọ ọ́. Oníṣòwò kò ní ọ̀gá tí yóò kọ ìwé fún un. Ṣùgbọ́n òwò náà máa ń bí ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àwa ni a kì í kà á sí ìwé.

Mo ní kí ó lọ kó gbogbo bébà tí ó wà nídìí ọjà náà wá. Ọjọ́ kejì ni ó kó o dé nínú báàgì ọ̀rá dúdú kan. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Káàdì àjọ wà níbẹ̀ ní ìdì kan. Rìsíìtì àwọn tí ó ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn wà níbẹ̀, àwọn mìíràn ti pa láró. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún un ní ọjà náà wà níbẹ̀. Ó ní ìyá òun ti fẹ́ fi àwọn káàdì àjọ náà dáná ní ọdún tó kọjá.

Káàdì àjọ yìí ni mo kọ́kọ́ mú. Gbogbo wa ni a mọ bí alájọ ti ń ṣe é: ó ń wá lójoojúmọ́, ó ń gba iye kan náà, ó ń fi àmì sí ojú ọjọ́ náà, nígbà tí oṣù bá sì parí, ó mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dá ìyókù padà. Ọmọ yìí ń dá ₦1,000 lóòjọ́. A máa ń rò pé owó nìkan ni káàdì yìí ń sọ. Ẹ tún un wò. Àmì tí ó wà ní ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ pé ní ọjọ́ náà, ẹni yìí wà nídìí ọjà rẹ̀, ó sì rí tà. Ní ọdún 2021 tí kò tíì máa kọ ọjà sílẹ̀, káàdì wọ̀nyí nìkan ni ẹ̀rí tí ó ní pé tábìlì náà wà. Mo ka oṣù mẹ́wàá nínú ọdún náà, ìgbà tí ọjọ́ tí kò dá àjọ pọ̀ jùlọ ni oṣù tí a gbààwẹ̀, ó sì yé mi.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Èyí ni ó gba àkókò wa jù. Ó ń kọ ohun tí ó rà àti iye tí ó rà á, ó ń kọ ohun tí ó tà àti iye tí ó tà á, ṣùgbọ́n kò ṣírò wọn pọ̀ rí. A mú oṣù mẹ́fà, láti oṣù kìíní dé oṣù kẹfà ọdún 2023, nítorí pé ìgbà yẹn ni kò sí ọjọ́ kan tí ó fò. Àpapọ̀ ọjà tí ó tà jẹ́ ₦2,184,000. Bí a bá pín in sí oṣù mẹ́fà, ó jẹ́ ₦364,000 ní oṣù kan. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Áfáà, ṣé kí n kọ ọ́ pé ₦364,000 ni mo ń gbà lóṣù?"

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Iye ọjà tí a tà kì í ṣe èrè, èrè kì í sì í ṣe owó oṣù. Iye tí òun fúnra rẹ̀ ra àwọn ọjà náà jẹ́ ₦1,680,000, nítorí náà ₦504,000 ni ó kù. Nínú èyí ni owó àyè tábìlì, owó ọkọ̀ àti owó ọ̀rá ti jáde, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦186,000. Ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà ni ₦318,000, ìyẹn ₦53,000 ní oṣù kan. Bí ó bá lọ sọ níwájú àwọn tí ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò pé ₦364,000 ni òun ń gbà, ìbéèrè kan péré ni yóò tú u ká: "Kí ló wá dé tí o fi ń wá iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta èyí?"

A pinnu pé iye ọjà tí ó tà ni yóò kọ, kí ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀. Èrè rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, bí wọ́n bá bi í, kí ó sọ ọ́. Ìdí tí iye ọjà fi wúlò fún ìwé ìwáṣẹ́ ni pé òun ni ó ń fi bí ẹrù tí ó gba ọwọ́ ẹni kọjá ti pọ̀ tó hàn, ẹrù sì ni sítọ́ọ̀kípà ń mójú tó.

Ẹni tí ó mọ òwò yóò sì yẹ iye náà wò ní kíá. Ọjọ́ 26 ni ó ń jókòó nídìí ọjà ní oṣù kan. Bí a bá pín ₦364,000 sí ọjọ́ 26, ó jẹ́ ₦14,000 lóòjọ́. Ní ọdún náà, bí a bá da ọjà olówó ńlá àti ti olówó kékeré pọ̀, nǹkan bíi ₦1,400 ni ohun kan lórí tábìlì rẹ̀ ń lọ, nítorí náà ohun mẹ́wàá ni ó ń tà lóòjọ́. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Ìwó Róòdù fún wákàtí kan mọ̀ pé èyí ṣe é ṣe. Ká ní ó kọ ọ́ pé mílíọ̀nù méjì ni òun ń tà lóṣù ni, yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦77,000 lóòjọ́, ìyẹn ohun márùndínlọ́gọ́ta. Níbo ni yóò kó ohun márùndínlọ́gọ́ta sí lórí tábìlì kan, ta ni yóò sì máa lọ ra òmíràn dípò wọn? Kí a tó kọ iye kankan sílẹ̀, kí a kọ́kọ́ pín in sí ọjọ́ báyìí, kí a wò ó bóyá ojú rẹ̀ jọ ti ọjà wa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni mo rí tí ó ya mí lẹ́nu nínú ìwé rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó máa ń ka ọjà rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ní Sátidé kan, ṣájà oríṣi kan ṣẹ́ kù márùn-ún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ra dọ́sìnì kan sí i, ó di mẹ́tàdínlógún. Mẹ́tàlá ni ìwé sọ pé ó tà. Ó yẹ kí mẹ́rin ṣẹ́ kù, mẹ́ta ni ó kà. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ "1 dà?" Mo bi í ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin tí ó ń bá òun jókòó ni ó fún oníbàárà kan ní òmíràn nítorí pé èyí tí ó rà kò ṣiṣẹ́, ó sì ju èyí tó bàjẹ́ náà sábẹ́ tábìlì, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ọjà tó bàjẹ́ tó padà wá, tí ó sì ń rí i pé a kì í ta ṣájà kan kí a tó fi fóònù oníbàárà dán an wò lójú rẹ̀. Ó ń kó àwọn tó bàjẹ́ padà fún ẹni tí ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn.

Mo sọ fún un pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ sítọ́ọ̀kípà gan-an nìyí." Kò gbà mí gbọ́ ní kíá. Lójú tirẹ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nídìí ọjà ni. Ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ kì í jọ wá lójú, nítorí náà ni oníṣòwò kì í fi í mọ ohun tí ó yẹ kí òun kọ. Ọgbọ́n tí mo lò fún un ni pé mi ò bi í pé, "Kí ni o mọ̀ ọ́n ṣe?" Mo bi í pé, "Kí ni ó sọnù rí? Kí ni ó bàjẹ́ rí? Ta ni ó jẹ ọ́ lówó tí kò san, kí ni o ṣe?" Inú ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ìrírí iṣẹ́ ti jáde.

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ pé áyà 282 nínú Súúrà Bákárà, tí ó gùn jù nínú gbogbo Kùránì, orí gbèsè àti kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó dá lé. Ọmọ yìí ní ojú ìwé fún àwọn tí ó jẹ ẹ́, ó sì ní òmíràn fún èyí tí òun jẹ. Ẹni tí ó ń kó ọjà fún un máa ń fún un ní àwìn, ó sì ní láti san án láàárín ọjọ́ 14. Mo ka ìgbà mọ́kànlá ní ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó pẹ́, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́. Mo ní kí ó má ṣe fi ẹ̀ẹ̀kan náà pamọ́ bí wọ́n bá béèrè.

Nígbà tí a parí, ohun tí ó kọ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, mo kàn ń fi Yorùbá sọ ọ́ ni:

"Oṣù kejì ọdún 2021 títí di òní: Òwò ara mi, títa ohun èlò fóònù, Ìwó Róòdù, Ìbàdàn. Mo ń ra nǹkan bíi 30 oríṣi ọjà, mo sì ń tà wọ́n fún àwọn oníbàárà. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2023, ọjà tí mo tà jẹ́ ₦364,000 ní oṣù kan, bí a bá pín in dọ́gba. Mo ń ka ọjà ní gbogbo Sátidé, mo sì ń fi í wé ìwé. Mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà tó bàjẹ́, mo sì ń dá wọn padà fún pípààrọ̀. Mo ń ra ọjà àwìn, mo sì ń san án láàárín ọjọ́ 14. Mo ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ kan. Àkọsílẹ̀ wà láti oṣù kìíní ọdún 2022, ẹ lè wò ó.

"Ọdún 2019 sí 2021: Olùrànlọ́wọ́ nídìí ọjà ìbátan mi, níbì kan náà."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí orúkọ oyè kankan níbẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé ó ya ọdún méjì tí ó fi ran àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ sọ́tọ̀, kò pa á pọ̀ mọ́ tirẹ̀ kí ó lè gùn. Ó tún sọ ìgbà tí àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ti 2021 kí ó wá máa wá ìwé tí kò sí. Mo mọ ọ̀dọ́ kan tí ó jókòó ní òru kan ṣoṣo tí ó kọ ìwé ọjà ọdún méjì jọ. Bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, kò sí àbàwọ́n kan, kò sí ibi tí a ti pa nǹkan rẹ́. Ẹni tó ṣòwò rí kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mọ̀.

Ẹni tí yóò jẹ́rìí ni ó kù. Ó ní àbúrò ìyá òun ni. Mo ní rárá, ìbátan kọ́. Ìtàn kan wà tí àwọn onímọ̀ wa máa ń sọ nípa Sàyídínà Úmárù, pé ọkùnrin kan wá sọ níwájú rẹ̀ pé òun mọ ẹnì kan dáadáa. Ó bi í bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, bóyá wọ́n ti jọ rin ìrìn-àjò rí, bóyá owó ti pa wọ́n pọ̀ rí. Sí gbogbo rẹ̀ ni ọkùnrin náà sọ pé rárá, Sàyídínà Úmárù sì sọ fún un pé kò mọ ẹni náà. Bí a bá fi èyí yẹ àwọn tí ó yí tábìlì ká wò, ẹni tí ó ń fún un ní ọjà àwìn ni owó ti pa wọ́n pọ̀ jù. Alájọ tẹ̀ lé e, nítorí pé ó ń rí i lójoojúmọ́. Olórí àwọn tí ń tajà ní ìlà wọn náà lè sọ ìgbà tí ó dé ibẹ̀. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni ó lọ bá, méjì gbà láti kọ ìwé, ẹ̀kẹta ní òun kò mọ̀wé kọ ṣùgbọ́n kí wọ́n pe òun lórí fóònù. Èyí náà dára. Ìwé tí wọ́n kọ kò ju ìlà mẹ́fà lọ: bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, láti ìgbà wo, ohun tí a jọ ń ṣe, bí ó ṣe ń sanwó, àti nọ́ńbà fóònù mi.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan níbí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń lọ láti ilé dé ilé kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú wá gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Ọdún méjì ni mo fi mọ̀ ọ́n nídìí iṣẹ́ náà. Ó bẹ̀ mí pé kí n kọ ọdún márùn-ún, nítorí pé márùn-ún ni wọ́n ń béèrè. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kọ ọ́. Ilé-ìwé tí ó fẹ́ gbà á pè mí lórí fóònù, obìnrin kan ni, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Alfa, àwọn ọmọ wo ni ó kọ́kọ́ kọ́, wọ́n sì ti dé ibo nínú Kùránì báyìí?" Mo ń kólòlò. Ó dúpẹ́, ó sì pa fóònù. Ọmọ náà kò rí iṣẹ́ náà gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó ti ṣe ní ọdún méjì péré yẹn tó láti fi gbà á. Ilé mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn méjì nínú wọn kò mọ álífù nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ń ka Júsù Ámà fúnra wọn. Èmi ni mo fi irọ́ ọdún mẹ́ta bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ilé báyìí, ohun tí ẹ óò máa kọ sílẹ̀ nìyẹn: iye ọmọ, ibi tí ẹ ti bá wọn, ibi tí ẹ mú wọn dé, àti nọ́ńbà òbí wọn tí ó gbà kí a pe òun.

Àwọn kan yóò béèrè pé ṣé kí oníṣòwò lọ forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún un. Ó dára, òfin sì wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2020. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì ní orúkọ òwò, ẹ kò lè ṣe é láìní ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ pé ẹ tajà kankan. Orúkọ nìkan ni ó jẹ́rìí sí. Mo ti rí ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ ní oṣù tí ó fẹ́ wáṣẹ́, tí ó sì so ó mọ́ ìwé ìwáṣẹ́ tí ó ní òun ti ń ṣòwò láti ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n forúkọ náà sílẹ̀ wà lórí ìwé náà gbàgàdà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àkáǹtì báǹkì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn oníbàárà ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ọmọ náà fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti owó ìgbéyàwó ọ̀rẹ́. Nítorí náà ni a kò fi mú un ní ẹ̀rí. Ó ti wá ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún ọjà nìkan báyìí.

Ti àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ yàtọ̀ díẹ̀, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Télọ̀, mẹkáníìkì àti aṣerunlóge tí wọ́n kọ́ṣẹ́ yanjú máa ń gba fúrídọ́ọ̀mù, ìwé rẹ̀ sì máa ń ní ọwọ́ ọ̀gá àti ti ẹgbẹ́. Ìwé gidi ni, kí wọ́n so ó mọ́ ìwé ìwáṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n gbòmìnira. Àléébù rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tí kò mọ ẹgbẹ́ náà kò ní mọ ìwọ̀n tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyí tí ìdánwò iṣẹ́-ọwọ́ ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fi wà, èyí tí a ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹta tí a sì ń gòkè dé ìpele kìíní, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìdánwò NABTEB. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá lè jókòó ṣe ìdánwò, kí ó wá ní ìwé méjì.

Kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìbéèrè tí ó ń bà á lẹ́rù jù ni wọ́n kọ́kọ́ bi í: "Ìwọ tí o ti ń ṣe ọ̀gá ara rẹ, ṣé o kò ní sá padà sí ọjà lẹ́yìn oṣù méjì?" A ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ó má ṣe bú ọjà nítorí iṣẹ́. Ó sọ pé àbúrò òun ọkùnrin yóò máa bójú tó tábìlì náà, pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ti ń mójú tó ẹrù tó pọ̀ ju ti òun lọ, àti pé ₦53,000 ni ó ń kù sí òun lọ́wọ́ lóṣù nígbà tí òun ṣírò rẹ̀. Máníjà náà ní kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ náà wá. Ó ń ṣí i, ó dé ibi tí a kọ "1 dà?" sí, ó bi í léèrè rẹ̀, ó sì ro ó fún un bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Wọ́n mú un lọ sí ilé-ìkẹ́rùsí, wọ́n ní kí ó ka páálí ohun mímu oríṣi kan kí ó fi wé káàdì tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Páálí méjì ló dín. Kò sọ pé wọ́n jí i. Ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ẹ ń kó èyí tó bá fọ́ sí?" Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n wà, ẹnikẹ́ni kò kọ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n gbà á fún oṣù mẹ́ta láti fi dán an wò, lẹ́yìn èyí ni wọ́n fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ ni ó wà lórí tábìlì báyìí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ kẹrin, ó sì ń ka ọjà ní Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kùn.